Ìgò ìdọ̀tí tó bú gbàmù nínú kọ́bọ́ọ̀dù: kí ni kí n sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun lọ́jọ́ Ajé?

Ìyá Láàbù

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Lọ́jọ́ Ajé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì máa wọ láàbù wa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi láti bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Iṣẹ́ tó wà níwájú wọn ni kí wọ́n fi ásíìdì náítíríìkì se ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí wọ́n lè wá òjé tó wà nínú wọn.

Ohun tó ń kó mi lọ́kàn sókè nìyí. Ní sáà tó kọjá, ọmọ kan parí iṣẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Náítíríìkì tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ tó ife omi kan, kò sì mọ ibi tó máa dà á sí. Ó rí ìgò dúdú kan lábẹ́ tábìlì tí a kọ "ìdọ̀tí" sí lára. Ó dà á sí i, ó dé e pinpin, ó tì í padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó gba ilé lọ. Kò tó wákàtí kan tí ìgò náà bú. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù já, àfọ́kù ìgò fò dé ògiri òdìkejì, èéfín tó pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀ sì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wá, kò sẹ́nìkan nínú yàrá. Ìgbà tí a wádìí la tó mọ̀ pé asitóònù tí wọ́n fi ń ṣan bíkà ló wà nísàlẹ̀ ìgò yẹn.

Mi ò fẹ́ ka ogún òfin sí wọn létí, torí wọ́n á ti gbàgbé kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà. Nǹkan mẹ́ta mẹ́rin péré ni mo fẹ́ kí wọ́n mú lọ. Èwo lẹ rò pé kó jẹ́?

Àgbà Tábìlì

Ẹ kú ewu, Ìyá Láàbù. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ láàbù kí n tó fẹ̀yìn tì, irú ìgò bẹ́ẹ̀ sì bú níṣojú mi lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sí ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe ọmọ yẹn níbi. "Ìdọ̀tí" kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó fẹ́ da nǹkan sí i.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé náítíríìkì yàtọ̀ sí àwọn ásíìdì yòókù. Yàtọ̀ sí pé ó ń jó ara, ó ní ọ́síjìn nínú tó ń wá ohun tó máa fún. Asitóònù, sípíríìtì, mẹtanóòlù, gbogbo ohun tó bá lè jóná ni náítíríìkì máa ń dáná sun, kò sì nílò ìṣáná. Tí ẹ bá da méjèèjì pọ̀ sínú ìgò kan, ẹ ti kó epo àti iná sínú ìkòkò kan náà nìyẹn.

Èyí tó ń tan ọmọdé jẹ ni pé kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀. Ooru kékeré ń jáde, ooru yẹn ń mú kó yára sí i, yíyára yẹn tún ń mú ooru mìíràn wá. Ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó lè jẹ́ wákàtí bíi mélòó kan. Láàárín ìgbà yẹn, afẹ́fẹ́ ń kó jọ lábẹ́ ìdérí. Ìdí nìyẹn tí akẹ́kọ̀ọ́ yín fi ráyè dé ilé kí ìgò tó bú.

Ẹ kọ́ wọn ní àpẹẹrẹ tí wọ́n lè fi ojú rí. Ìgò ìdọ̀tí tó ń lọ́wọ́ọ́wọ́ láìsí oòrùn lára rẹ̀, ìfófòó wínníwínní tó ń gòkè látìsàlẹ̀, omi tó mọ́ tẹ́lẹ̀ tó wá ń pọ́n tàbí tó ń di àwọ̀ ewé, ìdérí oníke tó wú sókè, èéfín pupa rúsúrúsú ní ọrùn ìgò. Ẹni tó bá rí ọ̀kan nínú wọn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìgò náà. Kò gbọ́dọ̀ ṣí i, kò gbọ́dọ̀ gbé e lọ síta. Kó pariwo kí gbogbo ènìyàn jáde, kó pa ilẹ̀kùn dé, kó pè yín. Mo mọ ẹni tó fẹ́ fi ìgboyà gbé irú rẹ̀ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló bú sí.

Bí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dà á pọ̀, tó sì rántí lójú kan náà tí ìgò wà lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa èéfín, kó fi í sílẹ̀ níbẹ̀ láìdé, kó fa gíláàsì iwájú rẹ̀ wálẹ̀, kó kúrò.

Oníbátìrì

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Bátìrì ọkọ̀ àti ti ínífátà ni mo ń tún ṣe. Èmi náà máa ń ra ásíìdì líle nínú kẹ́ẹ̀gì, mo máa ń pò ó mọ́ omi kó tó wọ bátìrì. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo da omi lé e lórí nínú ọpọ́n ike. Ó hó bí ìgbà tí omi bá kán sínú epo gbígbóná, ó ta sí àyà mi, àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ṣé ti ìgò tí ẹ ń sọ yìí náà ni? Kí ni mo ṣe tí kò dára?

Àgbà Tábìlì

Oníbátìrì, ẹ pẹ̀lẹ́. Tiyín yàtọ̀. Ásíìdì sọ́fúríìkì ni ẹ̀ ń lò, kì í ṣe náítíríìkì. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí Ìyá Láàbù mú un sọ fún wọn, torí sọ́fúríìkì náà wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù wọn.

Sọ́fúríìkì líle wúwo ju omi lọ, ó fẹ́ẹ̀ tó ìlọ́po méjì. Lítà kan rẹ̀ jẹ́ kílò 1.84. Tí ẹ bá da omi lé e, òkè ni omi yẹn máa dúró sí. Ibi tí wọ́n ti pàdé á gbóná kọjá híhó omi, omi tó wà lókè á di ooru lẹ́ẹ̀kan náà, á sì fọ́n ásíìdì ká. Omi ni kó kọ́kọ́ wà nínú ọpọ́n, omi tó tutù tó sì pọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa rọra da ásíìdì sí i ní etí ọpọ́n, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó. Ásíìdì tó wúwo á máa rì, ooru rẹ̀ á sì máa tàn ká gbogbo omi. Bí ọpọ́n bá ti gbóná débi tí ọwọ́ kò lè gbà á mọ́, ẹ dúró kó tutù kí ẹ tó tẹ̀síwájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ awò ojú.

Ọmọ Kẹ́mísìrì

Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Èmi wà ní ọdún kẹrin, mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un. Fún ásíìdì tó bá dà sílẹ̀, lẹ́búlẹ́bú pákó láti ìsọ̀ àwọn apákó ló dára jù. Ó ń fà á mu kíákíá, kò sì wọ́n. Tí kò bá sí, ẹ da kọ́sítíìkì sódà lé e, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, ó máa pa agbára ásíìdì lójú ẹsẹ̀. Tí sọ́fúríìkì bá sì kan ara, ẹ má da omi sí i o, torí ohun tí bàbá sọ lókè yẹn: omi lórí ásíìdì á hó. Ẹ fi békìnì sódà pa á.

Àgbà Tábìlì

Ọmọ mi, o gbìyànjú. O rí i pé ohun tó bá dà sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní nǹkan tó máa fà á mu, o sì mọ̀ pé ìdàkejì ásíìdì ló ń pa á. Ibi tí o ti ṣìnà ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò.

Igi ni lẹ́búlẹ́bú pákó. Ohun tí mo sọ nípa asitóònù ló kan igi náà. Sọ́fúríìkì líle á sun ún di èédú. Ti náítíríìkì burú jù, torí ó lè gbiná fúnra rẹ̀ nínú àpò ìdọ̀tí lẹ́yìn tí ẹ ti lọ ilé. Bákan náà ni pépà ìnuwọ́. Ọmọ máa fi pépà nu náítíríìkì lórí tábìlì, á jù ú sínú agbọ̀n, agbọ̀n á sì gbiná. Yanrìn gbígbẹ ni kí ẹ lò.

Kọ́sítíìkì sódà pẹ̀lú ásíìdì líle, ooru wọn pọ̀ débi pé gbogbo rẹ̀ á hó, á sì ta síni lójú. Ohun líle méjì bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pàdé. Békìnì sódà ló tọ́, ó rọ̀, ó sì ń fi ìfófòó sọ fún ọ ibi tó dé. Tí ìfófòó bá ti dúró pátápátá tí o sì tún bù sí i tí kò fó mọ́, o mọ̀ pé ásíìdì ti tán.

Ṣùgbọ́n lórí ara, omi ni, ọmọ mi. Òfin "má da omi lé ásíìdì" wà fún ìgò àti ọpọ́n, níbi tí ásíìdì ti pọ̀ tí omi kéré. Lórí awọ, ásíìdì tín-ín-rín ni, omi tó ń ṣàn sì pọ̀, ó ń gbé ooru náà lọ bó ṣe ń jáde. Ohun tó burú ni omi kékeré, bí aṣọ tútù tí wọ́n kàn fi nù ún. Omi tó ń ṣàn fún ogún ìṣẹ́jú ni. Bọ́ aṣọ, bọ́ òrùka, bọ́ bàtà bí omi ti ń ṣàn, má ṣe dúró bọ́ wọn tán kí o tó bẹ̀rẹ̀. Má fi sódà pa á lórí awọ, má fi epo pupa pa á.

Tuntun Ni Mí

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Mo wà lára àwọn tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Àwọn ìbọ̀wọ́ aláwọ̀ ojú ọ̀run tí wọ́n ń pè ní náítíràìlì, mo ti ra páálí kan. Ṣé ó tó? Mo rò pé torí náítíríìkì ni wọ́n ṣe fún un ní orúkọ yẹn.

Ìyá Láàbù

Ọmọ mi, ó dára tí o béèrè níbí. Orúkọ lásán ló jọra, ìbọ̀wọ́ yẹn kì í ṣe ẹ̀yà ọ̀tọ̀ fún náítíríìkì rárá. Náítíríìkì líle máa ń bà á jẹ́ ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Á yí àwọ̀, á gan, á sì ya. Ó wúlò láti gbà ọ́ lọ́wọ́ kíkán kan tó ta sí ọ. Bó bá ti kàn án, bọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, fọ ọwọ́, wọ òmíràn. Tí a bá fẹ́ da ásíìdì látinú ìgò ńlá, rọ́bà tó nípọn tó sì gùn dé ìgúnpá la máa ń wọ̀, èmi ni mo sì máa dà á fún yín ní oṣù àkọ́kọ́. Tí o bá rí i pé ìka rẹ pọ́n rúsúrúsú bí ẹni fọwọ́ kan ata ilẹ̀ pupa, náítíríìkì ti kàn ọ́ nìyẹn, má fi pamọ́ fún mi.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó kúrò lórí èéfín pupa yẹn. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ẹ̀ka pàjáwìrì. Wọ́n gbé ọkùnrin kan wá sọ́dọ̀ wa tó ti fà á símú nígbà tó ń fi ásíìdì fọ irin. Ó húkọ́ díẹ̀, ó mu omi, ó ní ara òun ti dá, ó fẹ́ máa lọ ilé. A dá a dúró. Láàárín òru ni ẹ̀mí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ká a, omi ti ń kún inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ló gbà á là.

Bí èéfín yẹn ṣe rí nìyẹn. Ó lè má ta imú púpọ̀ nígbà tí ènìyàn ń fà á, ìpalára rẹ̀ á sì wá hàn lẹ́yìn wákàtí bíi mélòó kan, tàbí lọ́jọ́ kejì pàápàá. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá fà á símú, kó lọ ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kó sì sọ ohun tó fà á, kí wọ́n má bàa rò pé ikọ́ lásán ni. Má jẹ́ kó sùn nìkan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Ará Àgọ́

Omi tí gbogbo yín ń sọ yìí ńkọ́? Ní ilé ìwé tiwa, omi kì í sí nínú ẹ̀rọ láti aago mẹ́wàá àárọ̀. Ogún ìṣẹ́jú omi tó ń ṣàn, níbo ló ti máa wá?

Àgbà Tábìlì

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ohun tí a ṣe nígbà tèmi: a ra kẹ́ẹ̀gì lítà 25, a fi ẹnu ẹ̀rọ kékeré sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a gbé e sórí pẹpẹ tó ga ju ojú ènìyàn lọ díẹ̀, a so rọ́bà tó rọ̀ mọ́ ọn. Ojú kò nílò omi tó ń pariwo. Lítà kan ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú kan tó o, nítorí náà kẹ́ẹ̀gì kan á fọ ojú fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìdúró. A ní méjì. Dúrọ́ọ̀mù lítà 200 wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ fún ara. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni a ń da omi kẹ́ẹ̀gì nù tí a ń pọn tuntun, torí omi tó bá pẹ́ á hu ewé, ẹ kò sì fẹ́ fi irú rẹ̀ fọ ojú. Ní ọjọ́ tí kẹ́ẹ̀gì bá ṣófo, a kì í ṣí ìgò ásíìdì.

Ìyá Láàbù

Ẹ ṣeun, sà. Mo ti kọ ti kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. Békìnì sódà tí ẹ dárúkọ ńkọ́? Agolo kékeré kan ló wà nínú láàbù wa, gíráàmù 250. Ṣé ó tó?

Àgbà Tábìlì

Kò tó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pa pọ̀. Mílílítà 100 sọ́fúríìkì líle, ìyẹn kò kún ife tíì, nílò sódà tó lé díẹ̀ ní gíráàmù 300. Agolo yín kò lè pa ìwọ̀n ife kan pàápàá. Ìgò ńlá tí wọ́n fi ń kó o wá gba lítà méjì ààbọ̀. Tí ìyẹn bá fọ́ látòkè délẹ̀, sódà tó tó kílò mẹ́jọ ni yóò gbà.

Ibẹ̀ ni mo ti máa ń pààlà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Èyí tó bá dà tó kéré sí ife kan, tí kò sí èéfín, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe sì wà níbẹ̀, a lè tọ́jú rẹ̀. A ó fi yanrìn yí i ká láti ìta kó má bàa ṣàn, a ó sì máa wọ́n sódà láti etí lọ sí àárín. Kì í ṣe àárín la ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ìfófòó á ti í jáde. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tó jẹ́ náítíríìkì tó ń yọ èéfín, ẹ jáde, ẹ pa ilẹ̀kùn dé. Láti yẹra fún gbogbo èyí, ìgò ńlá kò gbọ́dọ̀ rìn láàárín láàbù láìjẹ́ pé ó wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke. Tó bá fọ́, bọ́kẹ́ẹ̀tì á gbà á.

Ọmọ Kẹ́mísìrì

Bàbá, mo gbà. Tí békìnì sódà bá wọ́n, ṣé káún tí ìyá wa fi ń se ẹ̀wà lè ṣe é? Mo ti rí i tó ń fó nínú ọtí kíkan.

Àgbà Tábìlì

Ó lè ṣe é. Ìdílé kan náà ni òun àti sódà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ̀ ọ́ kúnná kó tó di ọjọ́ ìlò, torí òkúta rẹ̀ kò ní yára, ìdọ̀tí inú rẹ̀ sì yàtọ̀ láti ọjà dé ọjà, ẹ kò ní lè ṣírò iye tó máa tó. Èmi ṣì máa ra sódà.

Ìyá Láàbù

Ó kù kan. Ìgò ìdọ̀tí. Mo fẹ́ pín wọn sí mẹ́rin: náítíríìkì àti òjé tí a sè, àwọn ásíìdì yòókù, asitóònù àti àwọn tó lè jóná, àti àfọ́kù gíláàsì. Ṣé ó tọ́?

Àgbà Tábìlì

Ó tọ́, pẹ̀lú àfikún kan. Ẹ ṣọ́ra fún ásíìdì asẹ́tíìkì, èyí tó wà nínú ọtí kíkan. Orúkọ ásíìdì ló ń jẹ́, àwọn ọmọ á sì tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ náítíríìkì. Ó lè jóná bí sípíríìtì. Ọ̀dọ̀ asitóònù ló ń gbé, lórí ṣẹ́ẹ̀fù àti nínú ìdọ̀tí. Bílíìṣì náà kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ásíìdì kankan, èéfín rẹ̀ ń pani.

Ìgò náítíríìkì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí náítíríìkì nìkan ti wà nínú rẹ̀ rí. Ẹ má fọ ìgò asitóònù kí ẹ sọ pé ó ti mọ́. Ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i kí ohunkóhun tó wọ inú rẹ̀, ẹ má kún un ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ, ẹ má dé e pinpin lọ́jọ́ tí wọ́n dà á. Àtìbẹ̀rẹ̀ sì nìyí: kí wọ́n fi omi ṣan bíkà lẹ́ẹ̀mẹta kí asitóònù tó kàn án. Bí wọ́n bá ń ṣe èyí, náítíríìkì tó lẹ̀ mọ́ bíkà kò ní bá asitóònù pàdé.

Ará Àgọ́

Lẹ́yìn tí a bá fi sódà pa á tán, ṣé kò lè lọ sínú síńkì?

Ìyá Láàbù

Èyí tí kò ní irin nínú, tí pépà tí a fi ń yẹ ásíìdì wò sọ pé kò kan mọ́, àwa ń dà á pẹ̀lú omi púpọ̀. Èyí tó ní òjé, rárá. Sódà kò lè mú òjé kúrò.

Àgbà Tábìlì

Èmi kò fara mọ́ ti síńkì pátápátá. Síńkì ilé ìwé púpọ̀ ń lọ sínú sókàwéè, kànga sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ tọpasẹ̀ páìpù yín kí ẹ tó pinnu.

Ìyá Láàbù

Mo lọ tọpasẹ̀ rẹ̀ lónìí, sà. Ẹ̀yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì ló já sí. Mo ti fi ìdérí dí síńkì yẹn. Ní báyìí, ìgò mẹ́fà tó ní òjé ló wà lọ́wọ́ mi láti sáà méjì sẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó ń wá kó o. Ẹni tí ilé ìwé rẹ̀ ti rí ibi tí wọ́n ń gbé irú rẹ̀ lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbí.